Báwo ni kí n ṣe kọ ipa tèmi nínú iṣẹ́ tí a jọ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí fún ilé iṣẹ́ kan lápá Olúyọ̀lé níbí. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ohun tí mo ṣe àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ sórí fóònù, kó lè rọrùn láti tún síífíì mi ṣe bí iṣẹ́ kan bá parí.

Láìpẹ́ yìí, a tún bí a ṣe ń to ẹrù ṣe. Tẹ́lẹ̀, kíkó ẹrù sínú ọkọ̀ kan máa ń gba bíi wákàtí 3; ní báyìí, wákàtí kan àbọ̀ ni. Mo mọ ti tẹ́lẹ̀ nítorí pé mo wo ìwé ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń kọ aago tí ọkọ̀ wọlé àti èyí tó jáde, kí a tó bẹ̀rẹ̀. Láìsí ìyẹn, "mo mú kí iṣẹ́ yá" nìkan ni ǹ bá kọ, ta ló sì máa gba ìyẹn gbọ́?

Àmọ́ àwa mẹ́rin la ṣe é. Èmi ni mo ya ètò tuntun náà, ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ló dábàá pé kí ẹrù tó ń lọ sí Mọ́níyà wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ láì gba iṣẹ́ oníṣẹ́? Bákan náà, iye owó tí a dín kù jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́. Ṣé kí n kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, àbí kí n fi ti wákàtí nìkan mọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbani síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ fẹ́ rí?