Bàbá Òkìtìpupa, òwò wo ni mo lè ṣe mọ́ iṣẹ́ oṣù?

Àdùnní: Bàbá Òkìtìpupa, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Iṣẹ́ àkọ̀wé tí mo ń ṣe n'Ìbàdàn kò burú, àmọ́ owó rẹ̀ kì í gbé mi dé òpin oṣù mọ́. Aago méje ni mo ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó wọlé, mi ò lè jókòó ti ìsọ̀. ₦200,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Òwò wo ni kò ní máa yọ mí kúrò lẹ́nu iṣẹ́?

Bàbá Òkìtìpupa: Ọmọ mi, ra epo pupa pamọ́. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹyìn máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, epo á wálẹ̀. Tó bá fi máa di òpin ọdún, ẹyìn á ti wọ́n, epo á sì gbówó lórí. Ká ní o ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rin ní ₦40,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ̀ àti alábàárù gba ₦12,000. Bó o bá ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦50,000, èrè rẹ jẹ́ ₦28,000. Àpẹẹrẹ ni o. Ọdún mìíràn wà tí kì í lọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Má fowó ilé sí i.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo kó àǹkárá lọ síbi iṣẹ́, gbogbo wọn gbà á láwìn. Ọ̀gá kan ṣì ń sá fún mi dòní. Àdùnní, má kó ọjà lọ síbi iṣẹ́!

Délé: Má sì ra epo tó ti dì o. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bàbá Òkìtìpupa: Délé, ìlàjì lo mọ̀. Lásìkò ọyẹ́, epo gidi náà ń dì. Èyí tó bá dì gbagidi nínú ooru ni kó o fura sí. Ẹyìn rẹ̀ lè ti pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é. Àdùnní, omi ni ọ̀tá epo àpamọ́. Kó o tó sanwó, ní kí wọ́n bu díẹ̀ sínú agbada gbígbóná. Bó bá ń ta pàràpàrà, omi wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n gbé e kaná títí tí kò fi ní ta mọ́, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì silẹ̀, kí wọ́n wá rọra da ojú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ. Má dé e nígbà tó ṣì gbóná, torí ooru rẹ̀ á di omi lábẹ́ ìdérí, á sì kán padà sínú epo. Rọ ọ́ kún dé ọrùn, gbé e sórí pákó níbi tí oòrùn ò ti lè rí i.

Àdùnní: Wàhálà mi nìyẹn, Bàbá. Yàrá kan ni mo ń gbé, ìwọ̀ oòrùn ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí, inú rẹ̀ ń gbóná bí ààrò.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Gbé e wá sí yàrá ẹ̀yìnkùlé mi, mi ò ní gbowó. Ká ṣáà ti jọ sàmì sí ara kẹ́ẹ̀gì, torí àwọn ọmọ mi mọ ọbẹ̀ sè.

Bàbá Òkìtìpupa: Bọ́sẹ̀, ṣé yàrá tí jẹnẹrétọ̀ wà yẹn? Òórùn bẹntiróòlù á wọ epo o.

Àǹtí Bọ́sẹ̀: Òun ni, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí baálé mi dé ná, bóyá á gbà ká gbé jẹnẹrétọ̀ jáde.