Ṣé NPU inú láptọ́ọ̀pù tó owó tí wọ́n ń bù lé e?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún àbúrò mi tó wà ní LAUTECH, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Méjì ló wà ní ìsọ̀ tí mo lọ, ráàmù 16GB ló wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan ní NPU, ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá (Core Ultra 7 155H ni), owó rẹ̀ sì fi dáadáa ga ju ìkejì lọ. Ọlọ́jà ní NPU yìí ló máa jẹ́ kí ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣiṣẹ́ láìjẹ dátà.

Mo ní kó ṣí Task Manager, ká wo NPU lábẹ́ Performance. A bi ChatGPT ní ìbéèrè, 0% ló wà, kò mira. Kọ̀ǹpútà àwọn tó ni ChatGPT, tó wà lọ́nà jíjìn, ló kúkú ń dáhùn, dátà wa ló sì ń jẹ. Ìgbà tí a tan kámẹ́rà, tí a ní kó sọ ẹ̀yìn wa di bàìbàì, ni ìlà NPU tó gbéra. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 11 TOPS, òṣùwọ̀n ìyára ìṣirò, ni ti NPU yìí, 40 ni Microsoft sì ń béèrè kí wọ́n tó pe kọ̀ǹpútà ní Copilot+ PC.

Word, PDF àti kíláàsì orí Zoom ni iṣẹ́ ọmọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú rẹ̀, kí ló ń bá yín ṣe yàtọ̀ sí ti kámẹ́rà? Ṣé bátìrì ń pẹ́ sí i lórí Zoom tí iná bá lọ? Àbí kí n ra ìkejì, kí n fi ìyókù owó ra SSD tó tóbi?