Owó ọdún kan tí oníbàárà san lẹ́ẹ̀kan: èló ni ti oṣù kọ̀ọ̀kan?

Akọ̀wé Owó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sọ́fítíwià là ń tà, owó ọdún kan ni oníbàárà sì máa ń san sílẹ̀. Ẹnì kan san 365,000 ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta. Ìlò rẹ̀ máa parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí owó iṣẹ́ oṣù Kẹta. Ódítọ̀ ní mo ṣì í kọ, ọ̀gá mi ní owó ṣáà ti wọ báńkì. Báwo ni kí n ṣe tún un kọ?

Ìyá Ìbejì: Kò le rárá. Ẹ pín 365,000 sí 12, ẹ ó rí 30,416.67. Ẹ máa kọ ọ́ lóṣooṣù láti oṣù Kẹta dé oṣù Kejì. Ó tán.

Bàbá Léjà: Ìyá Ìbejì, ìyẹn dáa bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kìíní oṣù ni ìlò bẹ̀rẹ̀. Èyí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16. Bí wọ́n bá kọ odidi oṣù fún oṣù Kẹta, wọ́n ti mú owó ọjọ́ 15 tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ fún. Tó bá wá di oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀, oníbàárà á ṣì máa lo sọ́fítíwià fún ọjọ́ 15, kò sì ní sí owó tó kù láti kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, 30,416.67 lọ́nà 12 jẹ́ 365,000.04. Ẹ jẹ́ kí oṣù ìkẹyìn jẹ́ 30,416.63, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ léjà ò ní já sí òdo.

Akọ̀wé, ẹ sọ fún ọ̀gá pé owó ti wọlé lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ṣì jẹ oníbàárà ní iṣẹ́. Gbèsè ni, ọjọ́ tó ń kọjá ló ń san án. Ọjọ́ 365 ni, ó já sí 1,000 lójúmọ́. Ní oṣù Kẹta, ọjọ́ 16 lẹ fi ṣiṣẹ́: 16,000. Oṣù Kẹrin, 30,000. Oṣù Karùn-ún, 31,000. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ọjọ́ 291 ti lọ, 74,000 ló sì gbọ́dọ̀ kù lára gbèsè yẹn.

Bí ìwé oṣù Kẹta bá ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ dẹ́bítì owó iṣẹ́ ní 349,000, kí ẹ kírẹ́dítì owó àsansílẹ̀ ní iye kan náà. Bí ẹ bá ti pa á dé, tí ẹ sì ń ṣe ti oṣù Kẹrin, 319,000 lẹ máa gbé, torí ọjọ́ 46 ti kọjá. Tí ọdún ìṣirò bá ti yí, ẹ má dá a tún ṣe. Ẹ bá ódítọ̀ sọ̀rọ̀ ná.

Àdìó: Àwa náà san irú owó yìí fún sọ́fítíwià tí à ń lò. Ṣé ká kọ ọ́ sí gbèsè ni?

Bàbá Léjà: Rárá o. Ẹ̀yin lẹ sanwó, ẹ̀yin ni wọ́n jẹ ní iṣẹ́. Ohun ìní yín ni, ẹ máa yọ ọ́ sí ìnáwó lóṣooṣù.

Akọ̀wé Owó: Ẹ ṣé gan-an. Ohun méjì ló kù. 354,050 péré ló wọ báńkì torí ẹni tó ń gbowó fún wa yọ 10,950. Ọjọ́ 24 la sì tó ṣí ojú ìwọlé fún oníbàárà.

Bàbá Léjà: 365,000 náà lẹ máa pín. 10,950 yẹn, ìnáwó tirẹ̀ ni lọ́tọ̀. Owó orí ọjà nìkan ni kí ẹ yọ kúrò kí ẹ tó pín, bó bá wà nínú rẹ̀, torí ti ìjọba ni.

Ọ̀rọ̀ ojú ìwọlé ló tóbi jù. Ọjọ́ tó lè lò ó ni kíkà bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó sanwó. Bí ọjọ́ ìparí bá ṣì jẹ́ 15, ọjọ́ 357 ló kù, oṣù Kẹta á sì gba ọjọ́ 8, ìyẹn 8,179.27. Bí ẹ bá fi ọjọ́ 8 kún ìparí fún un, 8,000 ni.

Tí oníbàárà bá pọ̀, ẹ ṣí Excel, ẹ kọ owó sí òpó B, ìbẹ̀rẹ̀ sí C, ìparí sí D, kí ẹ wá to ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kọ̀ọ̀kan sí ìlà 1 láti E lọ. Ẹ wá kọ èyí sí E2:

```
=$B2*MAX(0,MIN(E$1,$D2)-MAX(EOMONTH(E$1,-1)+1,$C2)+1)/($D2-$C2+1)
```

Lóṣooṣù, ẹ fi àpapọ̀ ohun tó kù níbẹ̀ wé ohun tó wà ní léjà. Bí ti oníbàárà kan bá wọ ìsàlẹ̀ òdo, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ti dá owó rẹ̀ padà, àmọ́ ẹ gbàgbé láti dá pípín rẹ̀ dúró.

Ìyá Ìbejì: Ká máa ka ọjọ́ fún ẹgbẹ̀rún oníbàárà? Tiwa, ìdajì oṣù la máa ń kọ fún oṣù àkọ́kọ́ àti oṣù ìkẹyìn, ódítọ̀ ò sì sọ nǹkan kan.

Bàbá Léjà: Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá kéré, tí gbogbo oníbàárà sì ń gba ọ̀nà kan náà, wọ́n lè gbà á. Tí wọ́n bá ń rọ́ wọlé ní ìparí oṣù, èmi ò ní fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé Owó: Oníbàárà ń béèrè ọjọ́ 8 rẹ̀, ọ̀gá ò tíì gbà. Mo máa fi oṣù Kẹta sílẹ̀ ní ṣíṣí títí wọn á fi parí ọ̀rọ̀ wọn.