Ẹ̀jẹ̀ ríru lásán, àbí ẹ̀jẹ̀ ríru afàgìrì?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ ìlera abúlé fi ń darí aboyún sí ọsibítù ńlá l'Óṣogbo ni mò ń kọ ní Yorùbá, kí ẹbí tó gbé e wá lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ríru" ni mo kọ síbi orúkọ àìsàn. Ṣé ó tó?

Olùkọ́ Yorùbá, Àyétòrò: Kò tó. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára bàbá arúgbó, ó wà lára awakọ̀. Ti aboyún ló ń fa gìrì. "Ẹ̀jẹ̀ ríru afàgìrì" ni kẹ́ ẹ pè é. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sáà ti wú, òun náà nìyẹn.

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, Òkè-Fíà: Olùkọ́, ẹ fi ti ẹsẹ̀ wíwú sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún ń wú láìsí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Èyí tí à ń wí yìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ni ẹ̀jẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ru, tí púrótéènì sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń ru kí oyún tó dé, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan, oyún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ 34. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 170/110. Wọ́n ní kó sinmi, wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kò wálẹ̀. Púrótéènì inú ìtọ̀ rẹ̀, +++. Orí ń fọ́ ọ, ojú ń ṣe é bàìbàì. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ maginísíọ̀mù, gíráàmù 5 ní ìdí ọ̀tún, 5 ní ìdí òsì, aago 10:40 àárọ̀. Tí lẹ́tà bá kàn sọ pé "a ti fún un lábẹ́rẹ́", kí ni dókítà fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Oògùn yìí tó bá pọ̀ jù lè dá èémí dúró. Àmọ́ tó bá rí 10:40, ó mọ̀ pé ó di aago 2:40 ọ̀sán kí gíráàmù 5 mìíràn tó wọlé, ìyẹn bí ó bá kan orúnkún rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ṣì ta, tó sì ń mí dáadáa.

Ará Ìgbóǹnà: Màámi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti pẹ́. Ṣé wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ yìí?

Agbẹ̀bí: Rárá o, ọmọ mi. Gìrì ló ń dènà, kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìlà ọ̀tọ̀ ni nifẹdipíìnì àti irú rẹ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ máa ń wà nínú lẹ́tà.

Olùbéèrè: Ṣé kí n kọ "afàgìrì" nígbà náà, mà?

Agbẹ̀bí: Ara mi ò gbà á. Kì í ṣe gbogbo wọn ni gìrì ń gbé. Ẹbí tó bá sì ka gìrì nínú ọkọ̀ lè ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsibítù, kí wọ́n yà sílé aláàdúrà. "Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, tó ti le" tẹ́ mi lọ́rùn.

Olùkọ́: Ẹ má bínú, mà. "Tó ti le" ò sọ ohun tó ń bọ̀. Ẹni tí ò bá rí gìrì níbẹ̀ á ní kí ilẹ̀ mọ́ kí àwọn tó gbéra. Afàgìrì ni tèmi.