Ìránnilétí kejì àti ìkẹta: báwo lẹ ṣe ń kọ tiyín?

Atúnwèéṣe
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi wo lẹ́tà yìí kí n tó fi í ránṣẹ́. Mo bá ilé iṣẹ́ kan tún apá kìíní ìwé kékeré kan ṣe. Ọjọ́ 4 oṣù kẹta ni mo fi ínfọ́ìsì 014 ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá la jọ fẹnu kò sí, nítorí náà ó yẹ kí owó ti wọlé lọ́jọ́ 18. Kò wọlé. Mo kọ ìránnilétí lọ́jọ́ 20, jẹ́jẹ́ ni mo fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 24, ẹnì kan dáhùn pé: “A ti rí i. A máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ẹtì.” Òní Ọjọ́rú, ohun tí mo kọ rèé:

“Ẹ kú iṣẹ́. Ìgbà kẹta rèé tí mo ń rán yín létí owó mi. Ẹ ṣèlérí pé ẹ máa san án lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ṣì ń retí.”

Ṣé ó le jù? Ẹ̀yin tírú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ sọ tiyín fún mi.

Kògbagbẹ̀rẹ́
Kò le rárá! Ó tiẹ̀ rọ̀ jù lójú tèmi. Oníbàárà kan fi owó mi falẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọ ímeèlì tuntun sí i, mo fi KÍÁKÍÁ ṣe àkọlé gbogbo wọn, mo sì ń so ínfọ́ìsì mọ́ ọn nígbà gbogbo. Ó san án nígbẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá pariwo, wọn ò ní dá a lóhùn.

Ìyá Ẹ̀ka Ìsanwó
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀dọ̀ mi nirú lẹ́tà yìí máa ń já sí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ìsanwó. Atúnwèéṣe, ohùn lẹ́tà rẹ kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Bí mo bá rí “ìgbà kẹta,” mo máa ṣí àpótí ímeèlì, mo máa kà wọ́n. Ìránnilétí kan ṣoṣo ni mo máa bá níbẹ̀, ti ọjọ́ 20. Ínfọ́ìsì lo kà mọ́ ìránnilétí. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ohun yòókù tó o bá kọ ni mo máa yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, títí kan iye owó náà.

Èkejì, “a máa yẹ̀ ẹ́ wò” ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ pé àwọn máa san án. Ẹni tó dá ọ lóhùn lè má tiẹ̀ láṣẹ láti sanwó. Bó o bá kọ “ẹ ṣèlérí,” á ní òun ò ṣèlérí kankan, òótọ́ ló sì máa sọ. Orí ìyẹn lẹ ó ti wá máa jiyàn, owó á sì dúró síbi tó wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni kó o kọ padà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ó wá ku ti àsìkò. Ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n dá kò tíì pé. Jẹ́ kó kọjá, kó o sì fi ọjọ́ iṣẹ́ kan lé e, nítorí owó tí wọ́n bá san nírọ̀lẹ́ Ẹtì lè má hàn lọ́dọ̀ rẹ títí di Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ̀wé lórí ínfọ́ìsì 014 ti ọjọ́ 4 oṣù kẹta, tó yẹ kó ti di sísan lọ́jọ́ 18. Mo rán yín létí lọ́jọ́ 20, ẹ sì kọ̀wé padà lọ́jọ́ 24 pé ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò tíì rí owó náà. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ máa san án? Bẹ́ ẹ bá ti san án kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn. Mo tún so ínfọ́ìsì náà mọ́ ọn.”

Kògbagbẹ̀rẹ́, o jàre lórí síso ínfọ́ìsì mọ́ ọn, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n ímeèlì tuntun lójoojúmọ́? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń tò sójú kọ̀ǹpútà mi, mi ò ní mọ èyí tó ṣáájú. Orí ímeèlì àkọ́kọ́ ni kí o ti máa fèsì, kí àwọn ti tẹ́lẹ̀ lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kògbagbẹ̀rẹ́
Mo gbọ́ ti ímeèlì tuntun yẹn, Mà. Àmọ́ wọ́n ṣáà sanwó fún mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkẹyìn
Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Olùkọ́ mi ló fẹ́ kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Mo ti rán an létí lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí n dúró kí ọjọ́ náà kọjá bí Ìyá ṣe wí?

Ìyá Ẹ̀ka Ìsanwó
Rárá o, ọmọ mi! Ti owó, ẹ̀yìn ọjọ́ tí wọ́n dá la ti ń kà á. Tìrẹ, ọjọ́ ìparí ni wàá ti kà á bọ̀ sẹ́yìn. Kọ ìkejì nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ìkẹta wá nígbà tó bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta. Tún kọ ọjọ́ ìparí náà sí i kedere, má retí pé ó rántí.

Alágbàṣe
Ti fóònù ni kí ẹ bá mi dá sí. Ọ̀gá kan sọ fún mi lórí ìpè pé òun máa sanwó ní ìparí oṣù. Nígbà tí mo kọ “gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lórí fóònù,” ó ti kúrò níbi iṣẹ́ náà, ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Ní báyìí, bí a bá ṣe ń parí ìpè ni mo ń kọ ìlà méjì ránṣẹ́: “Ẹ ṣé fún ìpè òní. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ máa sanwó ní ìparí oṣù. Bí mo bá ṣì í gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe.” Ìyẹn ni mò ń tọ́ka sí nínú ìránnilétí.

Bó o bá sì kọ̀wé lóru sí ẹni tó wà lókè òkun, ọjọ́ tó hàn lójú tiẹ̀ lè yàtọ̀ sí tìrẹ. Mo máa ń fi àkọlé ímeèlì náà ti ọjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

Atúnwèéṣe
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Lẹ́tà yín ni mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Òní ọjọ́ 10, wọn ò fọhùn. Báwo ni ìkẹta ṣe máa rí?

Ìyá Ẹ̀ka Ìsanwó
Má fi kún ìbínú, fi kún pàtó. To ọjọ́ wọn tẹ̀ léra: 4, 18, 20, 24, 1. Má ṣàlàyé kankan lórí wọn. Lẹ́yìn náà, dá ọjọ́ kan, kó o sì sọ ohun kan ṣoṣo tí wàá ṣe bó bá kọjá, ohun tí agbára rẹ ká lóòótọ́: “Bí owó náà kò bá tíì wọlé títí di ọjọ́ 17 oṣù yìí, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ apá kejì iṣẹ́ náà.” Má kọ lọ́yà síbẹ̀ bí o ò bá ní lọ́yà.

Alágbàṣe
Kó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn pẹ̀lú.

Ìyá Ẹ̀ka Ìsanwó
Èmi ò fara mọ́ ọn. Akọ̀wé tó fẹ́ sanwó fún un lọ́la lè torí ìyẹn bínú.

Kògbagbẹ̀rẹ́
Ta ló ní ó fẹ́ san án lọ́la, Mà? Ọjọ́ Ẹtì ìjelòó ló ní òun máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Atúnwèéṣe
Mo ti kọ ọ́ láìfi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Bí ọjọ́ 17 bá kọjá, ìpinnu yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.