«Ìpìlẹ̀» ni àbí «ibi ìgbéra»? Lórí tábìlì ètò àbójútó

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ tábìlì ètò àbójútó àjẹsára fún ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù wa. Mo pe indikétọ̀ ní «atọ́ka», mo pe béèsìláìnì ní «ìpìlẹ̀», ni wọ́n bá ń bi mí pé ilé wo la fẹ́ kọ́. Kí ni kí n kọ?

Olùkọ́ èdè: «Atọ́ka» dára. «Ìpìlẹ̀» ni kò bá a mu. Ibi tí ẹsẹ̀ yín wà kí ẹ tó gbéra lẹ̀ ń sọ. Ẹ kọ «ibi ìgbéra». Tágẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, «àfojúsùn» ni, ó parí.

Òṣìṣẹ́ àbójútó: Kò tíì parí, sà. «Kí àrùn má pa ọmọ wa mọ́», àfojúsùn nìyẹn. Tágẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní iye àti ọjọ́. «Iye tí a fẹ́ dé» lèmi máa ń kọ. Olùbéèrè, kí ló wà ní ìlà àkọ́kọ́ yín gan-an?

Olùbéèrè: Ọmọ oṣù 12 sí 23 tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ́ńtà ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ibi ìgbéra: 50%, láti inú NDHS 2018, ìwádìí ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè. Iye tí a fẹ́ dé: 80%. Orísun: DHIS2, àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìlera lórí kọ̀ǹpútà. Ìjábọ̀: oṣooṣù.

Òṣìṣẹ́ àbójútó: Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. NDHS ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wo káàdì ọmọ tàbí kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè sì ni 50% yẹn, kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù yín. DHIS2 ń ka abẹ́rẹ́ tí ilé ìlera gún, ó wá ń fi iye ọmọ tí wọ́n fojú bù láti inú ìkànìyàn 2006 pín in. Ká ní wọ́n fojú bù ú pé ọmọ 50 ló yẹ kí ẹ gún lóṣù, tí àwọn ìyá wọ́ọ̀dù kejì sì gbé ọmọ wá, tí ẹ gún 56. Tábìlì yóò sọ pé 112%. Ẹ ó yọ̀ pé ẹ ti kọjá 80, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò rí abẹ́rẹ́ ṣì wà ládùúgbò. Inú DHIS2 kan náà ni kí ẹ ti mú ibi ìgbéra, ti ọdún tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì: Ẹ tiẹ̀ bá wa dín ìjábọ̀ oṣooṣù yìí kù! Èmi nìkan ló ń gún abẹ́rẹ́, èmi náà ló ń kọ rẹ́jísítà.

Òṣìṣẹ́ àbójútó: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ ń gbọ́ àbọ̀ ni «ìjábọ̀» inú tábìlì yẹn. Ìyẹn lè jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Rẹ́jísítà kò lè dúró.

Olùkọ́ èdè: Ṣé ẹ rí i pé «ìjábọ̀» kò tó? Ọ̀tọ̀ ni ìgbà ìkójọ, ọ̀tọ̀ ni ìgbà ìjábọ̀.

Olùbéèrè: Òpó kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi, sà.

Olùkọ́ èdè: Ẹ là á sí méjì.

Òṣìṣẹ́ àbójútó: Àwọn tó ń fún wọn lówó lè má gbà kí wọ́n fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù náà o.