Báńkì yọ owó tí kò tọ́ lórí sefíǹsì mi: báwo ni kí n ṣe tọ́ka sí i nínú lẹ́tà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àkáǹtì sefíǹsì ni tèmi, kì í ṣe kọ́rẹ́ǹtì. Mo fi ₦350,000 ránṣẹ́ sí onílé mi. Nígbà tí oṣù parí, báńkì yọ ₦350, wọ́n kọ ACCT MAINTENANCE FEE sí i. Náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kan géérégé! Ìlànà CBN ti 2020 sì sọ ọ́ kedere pé kọ́rẹ́ǹtì nìkan ni owó yẹn wà fún, kò kan sefíǹsì rárá.

Mo kọ lẹ́tà, mo gbé sitétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta lé e, ojú ewé mọ́kànlá. “Ẹ wo sitétímẹ́ǹtì” ni mo kàn kọ. Wọ́n fèsì pé owó náà tọ́. Ó dá mi lójú pé wọn ò wá ìlà náà rí. Ó dùn mí gan-an.

Mo fẹ́ fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé mo ti yí ìwé náà padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba irú owó yìí padà, ṣé ọjọ́, iye owó, ojú ewé àti nọ́ńbà ìdúnàádúrà ni kí n kọ sínú lẹ́tà kejì, kí n fi sitétímẹ́ǹtì sílẹ̀ bó ṣe wà, àbí kí n sàmì sí i?